Má wẹ́ẹ̀dì ṣáfúùtì mọ́ bíárìn

"Ẹ̀gbọ́n, mo fẹ́ fi kọ́ńdẹ́m irin ṣe ẹ̀rọ àfọwọ́yí tí màmá mi á máa fi rin ẹ̀gẹ́. Mo ti rí bíárìn méjì, 6204 ni wọ́n kọ sí wọn lára, àmọ́ irin kọnkéré tí mo ní kéré sí ojú ihò wọn. Ṣé kí n kàn wẹ́ẹ̀dì ẹ̀ pọ̀?"

Òkun o, àbúrò. Rárá o! Iná wẹ́ẹ̀dì á jó gíríìsì inú ẹ̀, àwọn góòlì yẹn á dégbò, irin bíárìn gan-an sì le débi pé ó máa ń là tó bá ń tutù. Mo tú irú ẹ̀ kan palẹ̀ fún ìyá kan ní Ìyàrá, òrùka inú ti là, ṣáfúùtì ń mì jẹ̀gẹ̀jẹ̀gẹ̀.

Ihò 6204 yẹn, mìlímítà 20 ni, ìta ẹ̀ 47. Fi irin kọnkéré yẹn sílẹ̀, ara ẹ̀ ò dán. Wá ṣáfúùtì àlòkù tó nípọn díẹ̀ jù 20 lọ, kí ẹni tó ní ẹ̀rọ léètì ní Kábà fá orí rẹ̀ méjèèjì wá sí 20, kí èjìká kékeré ṣẹ́kù tí bíárìn á fara tì. Tó o bá fẹ́ gbá a wọlé, páìpù tó kan òrùka inú nìkan ni kó o fi gbá a, tó o bá lu òrùka ìta, àwọn góòlì lò ń lù yẹn.

Ilé bíárìn, gé páìpù tó gba 47 ṣinṣin, wẹ́ẹ̀dì ẹ̀ mọ́ pátákó irin nígbà tí bíárìn ò tíì sí nínú ẹ̀, kó o wá fi bóòtù de pátákó yẹn mọ́ férémù. Jẹ́ kí ihò bóòtù gùn díẹ̀, torí ibẹ̀ lo ti máa sún un títí ọ̀tún àti òsì á fi bára wọn dọ́gba.

Omi ẹ̀gẹ́ ló ń pa bíárìn jù, ó kan, ó sì ń mú irin dípẹtà. Má gbé bíárìn sára àpótí tí ẹ̀gẹ́ ń bọ́ sí, fi àyè bí ìka mẹ́ta sí àárín wọn, gé rọ́bà sálúbàtà ní róbótó, kó o ki í bọ ṣáfúùtì níbẹ̀ kó há dáadáa, òun ló máa ju omi dànù. Wo ara bíárìn náà, 2RS ni kó o wá, èyí tó ní rọ́bà lẹ́gbẹ̀ẹ́, ZZ ò lè dá omi dúró.

Tó o bá tò ó tán, yí i láì fi ẹ̀gẹ́ sí i kó o fi í sílẹ̀. Tó bá dúró gbagidi lójijì, tú bóòtù apá kan díẹ̀, tó bá ti fúyẹ́, a jẹ́ pé ilé bíárìn méjèèjì ò dọ́gba. Àmọ́ tó bá ń fì padà sẹ́yìn kó tó dúró, tí ibì kan náà sì ń wà nísàlẹ̀ ṣáá, bíárìn ò ṣe nǹkan kan, ìlù tó ń rin ẹ̀gẹ́ yẹn ló wúwo lápá kan.