Fi dọ́là pín iye ọkọ̀ náà kí o tó sọ pé ó wọ́n

"Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́. Mo ti ní ìdá mẹ́fà nínú mẹ́wàá owó tòkúnbọ̀ tí mo fẹ́ rà. Oṣooṣù ni mò ń fi owó sí báńkì, ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń sún mọ́ ọkọ̀ yìí ló ń sá fún mi, torí dọ́là ò dúró lójú kan. Ṣé kí n yá ìyókù kí n rà á báyìí, àbí kí n ṣì máa tọ́jú owó lọ?"

Àbúrò, mo ti dúró rí, mo sì ti sáré rà rí, méjèèjì ló jẹ mí níyà. Jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí mo ti dúró, torí ibẹ̀ gan-an ni ìwọ náà wà.

Pe iye ọkọ̀ náà ní 100. O ti ní 60 nílẹ̀. Ká ní 2 lò ń fi kún un lóṣù. Tí a bá fojú kéré dọ́là, 40 ló kù, ogún oṣù ló máa gbà ọ́. Bí èmi náà ṣe ṣírò rẹ̀ nìyẹn, mo tiẹ̀ kọ ọ́ sára ògiri. Ṣùgbọ́n ká ní dọ́là ń fi ìdá 2 nínú ọgọ́rùn-ún kún owó ọkọ̀ lóṣooṣù, kí báńkì máa fún ọ ní èlé ìdá 1 nínú ọgọ́rùn-ún lóṣù. Nígbà tí ogún oṣù bá pé, owó rẹ á ti tó 117. Inú rẹ á dùn, àfi tí o bá bi wọ́n ní iye ọkọ̀: ó ti di 149. Ó ṣẹ́ ku nǹkan bí 31. Wàá ní kò burú, ṣebí 40 ni tẹ́lẹ̀. Ó dáa, fi oṣù mẹ́jọ lé e. Owó rẹ ti di 143 àti ààbọ̀, ọkọ̀ ti di 174. Ó ṣì ku 31 náà. Tó bá fi máa di ogójì oṣù, o ti ní 187, ọkọ̀ ti di 221, ohun tó kù ti padà di 34. Nǹkan bí oṣù kẹtàdínlọ́gbọ̀n lo sún mọ́ ọn jù. Láti ibẹ̀ lọ, ṣe ló ń jìnnà sí ọ, àyàfi tí ohun tí ò ń tọ́jú lóṣù bá pọ̀ sí i.

Èmi ò mọ ìṣirò yìí nígbà náà. Ohun tí mo mọ̀ ni pé mi ò jẹ nǹkan ìgbádùn kankan fún ọdún méjì ààbọ̀, ọkọ̀ náà ò sì wá sọ́wọ́ mi. Mo rò pé àwọn tó ń tà á ló burú.

Àṣìṣe mi ni pé mo ń fi owó ìlú lé ohun tí wọ́n ń fi dọ́là rà. Wo bí iye tòkúnbọ̀ ṣe ń dé: dọ́là ni ẹni tó gbé e wá fi rà á lókè òkun, dọ́là ni owó ọkọ̀ ojú omi, dọ́là ni owó adójútòfò lójú ọ̀nà. Tó bá dé èbúté, àwọn aṣọ́bodè á ro mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀, wọ́n á sọ ọ́ di owó ìlú ní iye tí wọ́n ń ṣírò dọ́là lọ́jọ́ náà, orí àròpọ̀ yẹn ni wọ́n ti máa yọ owó ibodè. Ìyẹn ni pé tí dọ́là bá lọ sókè, owó ibodè náà lọ sókè, bí òfin ò tiẹ̀ yí padà. Ohun tó kù tó jẹ́ owó ìlú pọ́ńbélé kò ju owó àwọn tó bá a gbé ọkọ̀ jáde, owó ilẹ̀ tó ń gbé e sí, àti èrè rẹ̀.

Wá gbé ìṣirò àkọ́kọ́ yẹn, kí o fi dọ́là tọ́jú owó náà dípò owó ìlú. 60 tí o ní dúró sí ìdá mẹ́fà nínú mẹ́wàá ọkọ̀, kò yingin. 2 tí ò ń mú wá lóṣù ń ra dọ́là tó ń kéré sí i, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ní oṣù kẹrìndínlọ́gbọ̀n, owó ọkọ̀ ti pé, láìsí èlé kankan. Ẹnì kan náà ni, owó oṣù kan náà. Ọ̀kan dé ibẹ̀ ní oṣù mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, èkejì ò ní dé ibẹ̀ láéláé.

Ó ní ibi tó ti ń tàn jẹ o. Iye tí wọ́n ń ta dọ́là fún ọ àti iye tí wọ́n ń rà á padà lọ́wọ́ rẹ kì í ṣe ọ̀kan, nítorí náà má máa ṣẹ́ ẹ lọ ṣẹ́ ẹ bọ̀. Ọ̀nà tí òfin ibi tí o wà fàyè gbà ni kí o gbà, àkáǹtì owó òkèèrè ní báńkì ló rọ̀ mí lọ́rùn jù. Tí dọ́là bá sì dúró jẹ́ẹ́, owó ìlú tó ń jẹ èlé ló máa yá: ìdá 1 lóṣù yẹn nìkan ì bá gbé ọ dé 100 láàárín oṣù mẹ́ẹ̀ẹ́dógún.

Èkejì ni ti ìgbà tí mo sáré. Lọ́sẹ̀ kan, dọ́là fò sókè bíi ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún. Àwọn ọlọ́kọ̀ fi ìdá 50 kún tiwọn. Mo rò pé tí n kò bá rà á lọ́sẹ̀ yẹn, ó parí nìyẹn. Mo kó gbogbo owó tó wà lọ́wọ́ mi, mo tún yá díẹ̀ lé e. Kò tó oṣù méjì, jíà bẹ̀rẹ̀ wàhálà. Láàárọ̀, tí mo bá fi í sí D, ọkọ̀ á dúró fún ìṣẹ́jú àáyá méjì, mẹ́ta, bí ẹni ń ronú, á wá ta mí síwájú lójijì. Mẹkáníìkì fa ọ̀pá òróró jíà yọ, ó nù ún mọ́ bébà funfun, ó nà án sí mi nímú. Dúdú ni, ó ń rùn bí ohun tó jóná. Jíà tí mo fẹ́ fi rọ́pò rẹ̀, dọ́là náà ni wọ́n fi gbé e wá. Ọkọ̀ mi jókòó sílẹ̀ fún oṣù mẹ́rin torí pé n kò ní kọ́bọ̀ mọ́. Ohun tó dùn mí jù ni pé kí ó tó jáde, dọ́là ti rọ̀ díẹ̀.

Ibẹ̀ ni mo ti bẹ̀rẹ̀ ìwé kékeré kan. Ìlà mẹ́rin ló ní: ọjọ́, iye tí wọ́n pè, iye tí wọ́n ń ṣẹ́ dọ́là lọ́jọ́ náà, àti èsì tí mo bá fi dọ́là pín iye ọkọ̀. Lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ méjì ni mo máa ń pe ọlọ́kọ̀ mẹ́ta nípa irú ọkọ̀ kan náà, ọdún kan náà. Ibì kan náà ni kí o ti máa wo iye dọ́là, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ìwé náà á purọ́ fún ọ.

Ká ní dọ́là kan jẹ́ 10, ọkọ̀ jẹ́ 100, èsì rẹ̀ jẹ́ 10. Lọ́sẹ̀ tí mo sáré, dọ́là ti di 13, ọkọ̀ ti di 150, èsì rẹ̀ jẹ́ 11 àti ààbọ̀. Ọ̀kan àti ààbọ̀ tó lé e yẹn kì í ṣe dọ́là, ẹ̀rù ni. Ọlọ́kọ̀ ń ronú iye tó máa ná an láti gbé òmíràn wá tí dọ́là bá tún gòkè, ó sì ti kà á mọ́ ọ lọ́rùn. Owó ẹ̀rù yìí máa ń wálẹ̀, àmọ́ ó ń pẹ́, torí kò sẹ́ni tó fẹ́ kọ́kọ́ dín tiẹ̀ kù.

Òdìkejì rẹ̀ ni kí o máa ṣọ́. Dọ́là ti lọ sí 12, ọlọ́kọ̀ kan ṣì ń pe 108. Fi 12 pín in: 9 ni. Lójú ẹni tí kò ní ìwé, ọkọ̀ yẹn ti wọ́n sí i. Lójú tìrẹ, kò tí ì dínwó tó bẹ́ẹ̀ rí. Ó sábà máa ń jẹ́ ọkọ̀ tó ti pẹ́ nílẹ̀, tí wọ́n fi dọ́là àtijọ́ gbé wọlé, tí olówó rẹ̀ sì nílò owó. Béèrè ìwé aṣọ́bodè, wo déètì tó wà lára rẹ̀. Bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wo ojú irin bíréèkì láàárín àwọn ihò rímù: tó bá ti pọ́n kiri fún ìpẹtà, kò rìn láti ọjọ́ pípẹ́. Tó bá jẹ́ pé bátìrì ọkọ̀ mìíràn ni wọ́n fi ta á jí, ẹ̀rí kejì nìyẹn. Ìpẹtà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ yẹn á lọ tí o bá tẹ bíréèkì lẹ́ẹ̀mélòó kan, kì í ṣe àbùkù, ohun tó fi ń hàn ọ́ ni pé ọlọ́kọ̀ náà ti ń wá ẹni tó máa gbé e lọ.

Ní ti yíyá, ká ní èlé wọn jẹ́ ìdá 2 àti ààbọ̀ nínú ọgọ́rùn-ún lóṣù. 40 yẹn fún oṣù mẹ́rìnlélógún máa gba 2 àti díẹ̀ sí i lọ́wọ́ rẹ lóṣooṣù. Gbogbo ohun tí ò ń tọ́jú lónìí nìyẹn, epo ò tí ì wọ̀ ọ́, táyà ò tí ì wọ̀ ọ́. Má yá a.

Tí mo bá jẹ́ ìwọ, ohun tí màá ṣe nìyí. Màá sọ èyí tó pọ̀ jù nínú 60 yẹn di dọ́là díẹ̀díẹ̀, kì í ṣe lọ́jọ́ kan, màá sì bẹ̀rẹ̀ ìwé náà lónìí. Màá tún wo ọkọ̀ tó kéré sí èyí tí o ń fẹ́, tí iye rẹ̀ kò ju bíi 50 lọ nínú 60 tí o ní, kí 10 ṣẹ́ kù fún ìwé orúkọ, òróró ẹ́ńjìnnì àti ti jíà, bátìrì, àti ohun tí mẹkáníìkì máa rí lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́. Owó ìlú ni kí 10 yẹn jẹ́, kí o lè mú un nígbàkigbà. Tí o bá fẹ́ tà á lẹ́yìn ọdún méjì, dọ́là ló ṣì máa gbé iye tòkúnbọ̀ náà sókè fún ọ, kódà bí ó ti gbó díẹ̀.

Ọkọ̀ tí mò ń wà báyìí, 9 ni mo rà á. Ọkùnrin tó tà á ní òun ò lè dín un mọ́, mo ní kò sí wàhálà, mo fi nọ́ńbà mi sílẹ̀. Ọjọ́ kẹta ló pè.