Nọ́ńbà ìbọ̀wọ́ iṣẹ́ fún ẹni tó ń ru pákó

Ìbéèrè: Ẹ jọ̀ọ́, mo ń ru pákó ní Àkúrẹ́. Yíká ọwọ́ mi jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 22, gígùn rẹ̀ 19.8. Nọ́ńbà ìbọ̀wọ́ wo ni kí n rà?

Ìdáhùn: Nọ́ńbà 10 ni. Ti yíká nìkan, 9 ni ẹ̀ bá rà, torí sẹ̀ǹtímítà 22 fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ínṣì 9, ínṣì yìí ni nọ́ńbà ìbọ̀wọ́ iṣẹ́ sì máa ń tẹ̀ lé. Ṣùgbọ́n nínú ìwọ̀n ti Yúróòpù, ọwọ́ tó gùn tó 19.2 ni 9 wà fún, 10 sì wà fún 20.4. Bí méjèèjì kò bá bára mu, èyí tó tóbi ni kí ẹ mú. Bí ìka ìbọ̀wọ́ bá kúrú, á máa fa agbedeméjì àwọn ìka yín, ọwọ́ á sì tètè rẹ̀ yín.

Kí ó tó dájú, ẹ tún un wọ̀n pẹ̀lú téèpù télọ̀. Ẹ yí i ká oríkèé ìka láìka àtàǹpàkò mọ́ ọn. Gígùn jẹ́ láti ṣóńṣó ìka àárín dé ìlà ọrùn ọwọ́.

Ìbọ̀wọ́ ti òtútù gbọ́dọ̀ láyè díẹ̀ sí i. Ti gólí sábà máa ń fi nọ́ńbà kan ju ti iṣẹ́ lọ, àmọ́ ilé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ní ìwọ̀n tirẹ̀. Ẹ bọ́ ìbọ̀wọ́ sílẹ̀ nídìí ayùn tó ń yí o. Ayùn lè fi í fa ọwọ́ wọlé.