SIA dá láísẹ́ńsì mi dúró, wọn ò gbọ́ tẹnu mi: ṣé òfin gbà bẹ́ẹ̀?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n Lọ́yà, ẹ kú iṣẹ́ o. Síkọ́ríítì ni mò ń ṣe lẹ́nu ọ̀nà kíláàbù kan ní London, ọdún kẹfà rèé. Lóṣù tó kọjá ìjà ṣẹlẹ̀ níbẹ̀, ọlọ́pàá ní mo lu kọ́sítọ́mà, wọ́n ti fẹ̀sùn kàn mí, wọ́n sì fún mi ní béèlì. Àná ni SIA, àwọn tó ń fún síkọ́ríítì ní láísẹ́ńsì nílùú yìí, fi ímeèlì ránṣẹ́ pé àwọn ti dá láísẹ́ńsì mi dúró lójú ẹsẹ̀. Wọn ò pè mí, wọn ò bi mí ní nǹkan kan. Ṣé òfin gbà bẹ́ẹ̀? Mo ṣì ní ṣíífù lọ́jọ́ Jímọ̀, ṣé kí n lọ?

Ìdáhùn: Má lọ o, àbúrò mi. Ìyẹn ni kó o kọ́kọ́ dì mú kó o tó ka ìyókù. Láti ìgbà tí lẹ́tà yẹn ti dé, lójú òfin, ẹni tí ò ní láísẹ́ńsì ni ẹ́, báàjì ì báà wà lápá ẹ. Òfin síkọ́ríítì ti 2001 sọ pé ẹni tó bá ṣe irú iṣẹ́ yẹn láì ní láísẹ́ńsì lè fi ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà jura, tàbí kó san fáìnì, tàbí méjèèjì, ẹni tó gbé iṣẹ́ fún un ńkọ́, tiẹ̀ lè tó ọdún márùn-ún tí ẹjọ́ bá dé Kíráùn Kọ́ọ̀tù. Orúkọ ẹ sì wà nínú rẹ́jísítà tí ẹnikẹ́ni lè wò lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, máníjà ẹ náà á wò ó. Ẹjọ́ kan lo ní lọ́rùn báyìí, má fi ìkejì kún un nítorí owó òru kan.

Wàyí o, pé wọn ò pè ẹ́. Mo mọ bó ṣe ń dun èèyàn, torí ta ni wọn ò sọ fún nílé pé agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Òfin ìlú yìí náà ò kọ ìyẹn. Ní 1963, kọ́ọ̀tù tó ga jù lọ níbí láyé ìgbà yẹn sọ pé lílé tí wọ́n lé ọ̀gá ọlọ́pàá Brighton lẹ́nu iṣẹ́ ò múlẹ̀, torí wọn ò sọ ẹ̀sùn fún un kó lè fèsì. Ṣùgbọ́n dídá láísẹ́ńsì dúró àti gbígbà á kúrò lọ́wọ́ èèyàn, nǹkan méjì ni. Tí wọ́n bá dá a dúró, wọn ò tíì ní o jẹ̀bi, ohun tí wọ́n ń sọ ni pé ewu lè wà fún àwọn aráàlú tó o bá ṣì ń dúró lẹ́nu ọ̀nà yẹn kí ọ̀rọ̀ tó yanjú, àti pé nítorí ewu yẹn àwọn ò lè dúró gbọ́ tẹnu ẹ kí àwọn tó ṣe é. SIA fúnra wọn kọ ọ́ sínú ìlànà wọn pé ibi tí ewu sí aráàlú bá ti hàn gbangba làwọn ti ń ṣe bẹ́ẹ̀, èyí tó sábà máa ń ṣẹlẹ̀ ni tìẹ yìí gan-an: ẹ̀sùn ńlá, béèlì, ẹjọ́ ò tíì parí. Nítorí náà òfin gbà á. Tẹnu ẹ ṣì máa dé ọ̀dọ̀ wọn, ẹ̀yìn ló máa wá.

Kò sì ní jẹ́ bó o ṣe rò ó. Ọ̀pọ̀ èèyàn tó ń pè mí rò pé yàrá kan wà níbì kan tí wọ́n á jókòó sí kí wọ́n fi ẹnu ṣàlàyé. Kò sí yàrá kankan ní SIA. Bébà ni gbogbo ẹ̀. Tí wọ́n bá fẹ́ gba láísẹ́ńsì náà pátápátá, wọ́n á kọ lẹ́tà pé báyìí làwọn fẹ́ ṣe, ìdí rèé, o ní ọjọ́ 21 láti fèsì. Èsì tó o bá kọ, ìyẹn náà ni ìgbẹ́jọ́ ẹ, kò sí òmíràn lọ́dọ̀ wọn. Tó o bá dákẹ́ kí ọjọ́ 21 fi pé, wọ́n á gbà á, wọ́n á sì ní àwọn fún ẹ láyè kí wọ́n tó gbà á, òótọ́ sì ni.

Ẹni tó kàn ń tọrọ láísẹ́ńsì fún ìgbà àkọ́kọ́, ohun tí kọ́ọ̀tù ní wọ́n jẹ ẹ́ kéré sí tìẹ. Ní 1978 ọkùnrin kan tó fẹ́ láísẹ́ńsì láti máa ṣe máníjà abẹ̀ṣẹ́ lọ sí kọ́ọ̀tù pé wọ́n kọ̀ ọ́ láì sọ ìdí, adájọ́ ní ẹni tí wọ́n fẹ́ gba nǹkan lọ́wọ́ ẹ̀ ló ní ẹ̀tọ́ tó nípọn jù, ẹni tó kàn ń béèrè ò tó o. SIA ṣì máa ń kọ lẹ́tà sí ẹni tí wọ́n fẹ́ kọ̀ ṣá, kó lè fèsì. Èyí tó sábà ń kọ lu àwọn ará wa tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni pé tí èèyàn bá ti gbé ìlú mìíràn fún oṣù mẹ́fà léra tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ láàárín ọdún mélòó kan sẹ́yìn, ó gbọ́dọ̀ mú ìwé ọlọ́pàá ìlú yẹn wá. Ẹni tí ò bá mú un wá, wọ́n á kọ̀ ọ́, ìwà ẹ̀ ì báà mọ́ bí aṣọ àlà.

Ká padà sórí tìẹ. Kí làwọn èèyàn yìí ń wọ̀n? Ìwé ìlànà kan wà tí wọ́n ń pè ní Get Licensed, inú ẹ̀ ni gbogbo ẹ̀ wà: ṣé ẹni tó o pe ara ẹ ni ẹ́, ṣé o ní ẹ̀tọ́ láti ṣiṣẹ́ nílùú yìí, ṣé tréènì tó o ṣe kì í ṣe ayédèrú, kí ni rẹ́kọ́ọ̀dù ẹ lọ́dọ̀ ọlọ́pàá, ṣé èèyàn tó yẹ fún irú iṣẹ́ yìí ni ẹ́. Wá wo ohun tí ò sí níbẹ̀: rẹ́ǹtì ẹ, owó ilé-ìwé àwọn ọmọ, màmá tó ń retí owó ní Ìbàdàn. Kì í ṣe pé wọ́n burú. Kódà májísíréètì tó o lè gbé ìpinnu SIA lọ bá, òfin 2001 yẹn sọ pé ìlànà SIA yìí ni wọ́n gbọ́dọ̀ fi dá ẹjọ́ náà, wọn ò lè fi àánú dá a. Ní 2002 wọ́n dá irú ẹ̀ fún awakọ̀ takisí kan ní Leeds tí wọ́n dá láísẹ́ńsì ẹ̀ dúró nígbà tí ẹ̀sùn ìwà ipá wà lọ́rùn ẹ̀, kọ́ọ̀tù gíga ní káńsù ò ní láti dúró de ìdájọ́ kọ́ọ̀tù ọ̀daràn, àti pé ìyà tó máa jẹ ẹbí ẹ̀ kọ́ lọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀, àwọn tó ń wọ mọ́tò ẹ̀ ni.

Jẹ́ kí n fi àpẹẹrẹ kan hàn ẹ́, inú oríṣiríṣi fáìlì ni mo ti pa á pọ̀, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnì kan. Síkọ́ríítì kan ti oníbàárà kan, onítọ̀hún ṣubú, orí ẹ̀ bẹ́jẹ̀. Wọ́n fẹ̀sùn kan síkọ́ríítì yìí, wọ́n dá láísẹ́ńsì ẹ̀ dúró. Lẹ́yìn oṣù márùn-ún, oníbàárà ò yọjú sí kọ́ọ̀tù, ẹjọ́ tú ká. Bọ̀bọ́ rò pé ó parí nìyẹn, ó ń dúró kí wọ́n dá báàjì ẹ̀ padà, àfi gbìì, lẹ́tà wọlé pé SIA fẹ́ gba láísẹ́ńsì náà pátápátá. Báwo? Torí kọ́ọ̀tù ọ̀daràn ń fẹ́ kí ọ̀rọ̀ dá wọn lójú kedere kí wọ́n tó pe èèyàn ní ọ̀daràn, ṣùgbọ́n SIA ń wò ó bóyá ó ṣeé ṣe kó rí bẹ́ẹ̀ ju kó má rí bẹ́ẹ̀ lọ. Fídíò CCTV kan náà tí ò tó láti fi sọ èèyàn sẹ́wọ̀n lè tó láti fi gba báàjì.

Èsì tó kọ́kọ́ kọ jẹ́ ojú ewé mẹ́ta, pásítọ̀ ẹ̀ kọ ọ̀kan mọ́ ọn, gbogbo ẹ̀ dá lórí bí òun ṣe jẹ́ èèyàn dáadáa. Ká ní wọ́n fi ránṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, ó ti tán. Èyí tó wúlò jẹ́ ojú ewé kan àbọ̀: aago kan ku ìṣẹ́jú mẹ́tàlá òru, oníbàárà ti kọ́kọ́ gbá síkọ́ríítì kejì létí, ó hàn nínú fídíò, ṣùgbọ́n àárín ìjà ni fídíò tí ọlọ́pàá fún SIA ti bẹ̀rẹ̀. Ìwé ìṣẹ̀lẹ̀ tí wọ́n kọ lóru ọjọ́ náà gan-an wà níbẹ̀, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ síkọ́ríítì kejì tó fọwọ́ sí, àti sáfíkéètì tréènì lórí bí wọ́n ṣe ń fọwọ́ kan èèyàn láì ṣe é léṣe, kí wọ́n lè rí i pé bó ṣe na ọwọ́ yẹn, bí wọ́n ṣe kọ́ ọ ni. Irú èsì yìí ló máa ń mú kí ẹni tó jókòó sídìí fáìlì tún un wò, torí ó bá ohun tí wọ́n ní kí òun wò mu. Nítorí náà lónìí, kó o tó ṣe nǹkan mìíràn, kọ lẹ́tà sí kíláàbù pé kí wọ́n pa gbogbo fídíò òru ọjọ́ yẹn mọ́, látìgbà tí kọ́sítọ́mà yẹn ti wọlé. Ọ̀pọ̀ ibẹ̀ ni fídíò ń pa rẹ́ fúnra ẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ìwọ sì ti lo oṣù kan.

Ohun méjì tí mo ti rí tó ń ba ti èèyàn jẹ́. Ìkíní, wọ́n á ní "gba kọ́ṣọ̀n kó o máa lọ sílé", èèyàn á gbà á, torí ilẹ̀ ti ṣú, ó sì ti rẹ̀ ẹ́. Kọ́ṣọ̀n, o ti gbà pé o ṣe é nìyẹn, SIA á kà á sí ẹ lọ́rùn. Má gba irú ẹ̀ láì tíì bá lọ́yà ọ̀daràn sọ̀rọ̀. Ìkejì, má kọ ìtàn ìjà náà ránṣẹ́ sí SIA báyìí kí lọ́yà yẹn tó kà á, torí ohun tó o bá kọ lónìí, ọlọ́pàá lè gbé e síwájú ẹ ní kọ́ọ̀tù lọ́la. Ṣùgbọ́n pé wọ́n fẹ̀sùn kàn ẹ́, ìyẹn nìkan, dandan ni kó o sọ fún SIA, ó wà lára àdéhùn láísẹ́ńsì. Tó ò bá tíì sọ, sọ ọ́ lónìí, ìlà méjì tó.

O lè gbé ìdádúró yìí lọ sí májísíréètì láàárín ọjọ́ 21. Ṣé kó o lọ? Nígbà tí ẹ̀sùn náà ṣì wà nílẹ̀, èmi ò ní sáré, àfi tí fídíò bá dá ẹ láre gbangba. Tó o bá pàdánù, o lè san owó lọ́yà SIA, kódà tó o bá jàre, àtọdún 2000 ni kọ́ọ̀tù gíga ti ní wọn kì í sábà ní kí aláṣẹ tó ṣe é tọkàntọkàn san tìẹ. Tó bá jẹ́ pé wọ́n gba láísẹ́ńsì náà pátápátá ni, ìyẹn yàtọ̀, èmi á lọ. Ẹni tí wọn ò dá tiẹ̀ dúró tẹ́lẹ̀ sì lè máa ṣiṣẹ́ lọ kí ẹjọ́ náà tó parí. Tìẹ ti dúró, nítorí náà o ò ní lè ṣe bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ tí wọ́n fi ìpinnu náà jíṣẹ́ fún ẹ ni ọjọ́ 21 ti bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe ọjọ́ tó o ṣí i. Wo àdírẹ́sì àti ímeèlì tó wà nínú àkáǹtì SIA ẹ lálẹ́ òní, tó bá jẹ́ ilé tó o ti kó kúrò ló ṣì wà níbẹ̀, yí i padà, torí ibẹ̀ ni lẹ́tà kejì ń lọ.