Géèjì prẹ́ṣọ̀ omi yín lè má bàjẹ́ rárá: ẹ wọ̀n ọ́n láti ojú omi

"Ẹ̀yin àgbà, ẹ jọ̀ọ́. Tíṣà wa kọ ọ́ sí nótì pé mítà 10 omi jẹ́ báà kan. Ojú omi inú tánkì wa fi mítà 12 ga ju ilẹ̀ lọ. Géèjì wa, èyí tí nọ́ńbà ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti 0 dé 16, wà lára páìpù nísàlẹ̀, báà 0.8 ló sì ń sọ. Ṣé nótì ló ṣì ni àbí géèjì ló bàjẹ́?"

Àbúrò, má tíì tú géèjì yẹn o, má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ta pọ́ǹpù fún ẹ nítorí ẹ̀. Nótì tíṣà ẹ ò ṣì, ó kàn gé e kúrú ni. Mítà 10.2 ló jẹ́ báà kan, 10 yẹn wà fún kéèyàn lè tètè fi orí ṣe é. Ìṣirò ẹ̀ nìyí:

P = 1000 × 9.81 × h

P ni prẹ́ṣọ̀, h ni gíga omi ní mítà, ohun tó bá jáde, páskà ni, pín in sí 100,000 kó di báà. Ìyẹn ò le.

Ibi tó ń dà á rú ni h yẹn. Kì í ṣe láti ilẹ̀ la ti ń wọ̀n ọ́n, láti ojú omi inú tánkì wá sí àárín ojú géèjì ni. O ò sọ ibi tí géèjì yín ga dé, àmọ́ ká ní ibi àyà èèyàn ló wà, mítà 1.5 sílẹ̀. Yọ ọ́ kúrò nínú 12, ó ku 10.5. Pín 10.5 sí 10.2, báà 1.03 nìyẹn, kì í ṣe 1.18 tí 12 máa fún ẹ. Tánkì ì báà fẹ̀ bí yàrá tàbí kó rí pẹ́ńpẹ́, kò kan géèjì, gíga nìkan ló mọ̀. Ṣé wọ́n sì pa omi nígbà tẹ́ ẹ kà á? Tí ẹnì kan bá ń pọnmi lọ́wọ́, omi tó ń sáré nínú páìpù máa jẹ lára prẹ́ṣọ̀ kó tó dé ọ̀dọ̀ géèjì. Ẹ pa gbogbo tápù kẹ́ ẹ tó kà á.

Ó wá ku báà 0.23 tí a ò rí. Wo ìsàlẹ̀ ojú géèjì yín, nọ́ńbà kékeré kan máa ń wà níbẹ̀, ó lè jẹ́ 1.6 tàbí 2.5. Ohun tó ń sọ ni pé géèjì náà lè fi ìdá 1.6 nínú ọgọ́rùn-ún ṣì í, àmọ́ ìdá yẹn kì í ṣe ti ohun tó ń kà lọ́wọ́ o, ti nọ́ńbà tó ga jù lójú ẹ̀ ni! Ìdá 1.6 nínú ọgọ́rùn-ún báà 16 jẹ́ báà 0.26. Ìyẹn lé ní mítà omi méjì àtààbọ̀. Tó bá jẹ́ 1.6 lẹ bá níbẹ̀, 0.8 yín ṣì wà láàárín ibi tí wọ́n gbà á láyè kó ṣì í dé, géèjì náà ò tíì ṣẹ̀. Ẹni tó ra géèjì báà 16 fún tánkì mítà 12 ló yẹ kó wá ṣàlàyé ara ẹ̀. Èyí tó mọ ní báà 2.5 ló yẹ yín, tó bá jẹ́ 1.6 ló wà lójú òun náà, kò lè fi ju nǹkan bíi 40 sẹ̀ǹtímítà omi lọ ṣì í, ọwọ́ ẹ̀ á sì dúró sítòsí àárín, níbi tójú ti lè rí i dáadáa.

Ọ̀rọ̀ nọ́ńbà ojú géèjì yìí máa ń bí mi nínú, ẹ jẹ́ n sọ ọ́. Omi ò dé òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì nílé tí mò ń gbé. Wọ́n pe ẹnjiníà kan wá, oníbùútù, oníkáàdì lọ́rùn. Ó wo géèjì ẹnu pọ́ǹpù, ọwọ́ ẹ̀ wà lórí 20, ó ní "mítà 20 nìyẹn, tápù tó ga jù sì fi mítà 17 ga ju géèjì yìí lọ, prẹ́ṣọ̀ yín pọ̀ tó, páìpù inú ògiri ló dí." Mo ní sà, géèjì yìí ní ìlà méjì, dúdú lóde, pupa nínú, èwo lẹ kà? Ó ní ṣé èmi náà kàwé ẹnjiníà ni. Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ ògiri nìyẹn o, láti ilé ìdáná dé ilé ìwẹ̀ òkè, wọ́n gé páìpù sí wẹ́wẹ́, eruku wọ inú àpótí aṣọ, gbogbo páìpù tí wọ́n gé mọ́ tónítóní nínú, wọ́n ṣì ní iwájú ló ti dí. Bàbá kan tó ń tún pọ́ǹpù ṣe ló gba ibẹ̀ kọjá, ó nu ojú géèjì, ó ní písáì ni 20 yẹn. Písáì! Písáì kan ò tó mítà omi kan, 0.7 mítà ni. 20 lọ́nà 0.7 jẹ́ mítà 14. Mítà 14 kò lè dé tápù tó wà lókè mítà 17 láéláé, kò sí ohun tó dí. Abẹ́ tó ń yí omi nínú pọ́ǹpù ló ti jẹ. Ẹnjiníà náà ò padà wá lẹ ògiri o.

Torí náà, kó o tó ka nọ́ńbà, ka orúkọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà náà. Tó bá jẹ́ kílópáskà, 100 ẹ̀ ló jẹ́ báà kan, mítà omi kan sì jẹ́ 9.81. Tó bá jẹ́ písáì, 14.5 ló jẹ́ báà kan. Kó o wá dúró gangan níwájú géèjì, má kà á láti ẹ̀gbẹ́. Ti báà 16 yẹn, àlàfo kékeré kan lè jẹ́ báà 0.5, ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, torí ó lè jẹ́ pé ojú yín lẹ fi dá 0.8 yẹn.

Wọ́n á tún sọ fún yín pé "ti fáàfù tó wà lábẹ́ ẹ̀, tú omi inú ẹ̀ dànù, tó bá padà sí òdo ó dáa." Bẹ́ẹ̀ ni, àmọ́ ọ̀pọ̀ géèjì ní irin kékeré kan lórí òdo tí ọwọ́ ẹ̀ máa ń gbé ara lé, ọwọ́ tó ti tẹ̀ wá sísàlẹ̀ máa gbé ara lé e bí ẹni pé ara ẹ̀ le, ẹ ò sì ní mọ̀. Tí ẹ bá fẹ́ mọ òótọ́, ẹ yá géèjì báà 2.5, ẹ fi í sójú ibi kan náà, pẹ̀lú omi tí ò ṣàn. Tó bá sọ nǹkan bí 1.03, ọ̀rọ̀ tán. Tí òun náà bá sọ 0.8, ẹ gun òkè lọ wo bí omi tó wà nínú tánkì ṣe ga tó, torí báà 0.8 jẹ́ mítà 8.2, àfàìmọ̀ kó má jẹ́ ẹni tó sọ 12 fún yín ló wọ̀n ọ́n láti orí ìdérí tánkì.

Àti pé tí ẹ bá ń tú u, sípánà ni kí ẹ fi di ọrùn onígun mẹ́rin tó wà nísàlẹ̀ ẹ̀ mú, ẹ má fọwọ́ gbá ojú géèjì mú kẹ́ ẹ máa lọ́ ọ, páìpù tẹ́ẹ́rẹ́ tó ká kọrọkọrọ nínú ẹ̀ ló máa lọ́ pọ̀.