Èsì: Ẹyin pẹ́pẹ́yẹ nínú omi iyọ̀

“Ẹ jọ̀ọ́, ọjọ́ mélòó ni ẹyin pẹ́pẹ́yẹ ń lò nínú omi iyọ̀, báwo sì ni pupa inú rẹ̀ ṣe ń yí padà?”

Ẹ kú iṣẹ́, Àǹtí. Bí ọ̀sẹ̀ 4 ni. Ife iyọ̀ 1 sí ife omi 4 ni mo máa ń sè, màá jẹ́ kó tutù pátápátá kí n tó kó ẹyin sí i. Èyí tó bá ti sán, ẹ yọ ọ́, torí yóò ba ìyókù jẹ́. Ẹ fi àwo kékeré tẹ̀ wọ́n mọ́lẹ̀, wọn a máa léfòó.

Nílé wa ní Ògbómọ̀ṣọ́, mo fọ́ ọ̀kan wò ní ọjọ́ 10: etí pupa rẹ̀ nìkan ló ki, àárín ṣì ń ṣàn. Ní ọjọ́ 28, ó ti le, ó rí roboto, mo fi ìka gbé e bí èso iyeyè. Iyọ̀ ló ń fa omi inú rẹ̀ jáde, láti etí lọ sí àárín. Funfun rẹ̀ kì í le, ó kàn ń ṣàn bí omi ni.

Ẹ sè é kí ẹ tó jẹ ẹ́. Pupa yẹn á mú àwọ̀ ọsàn, òróró á sì máa yọ lára rẹ̀. Tó bá ń rùn nígbà tí ẹ fọ́ ọ, ẹ dà á nù.