Bí ọwọ́ ṣe lè yá nínú StarCraft II

Ìbéèrè: Ẹ jọ̀ọ́, tí mo bá ń jagun nínú StarCraft II, ilé mi á kàn dúró lásán. Àwọn ọmọ ṣọ́ọ̀bù géèmù l'Álágbàkà ń nà mí bí ẹni lu bàtá. Kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Màósì lo fi ń sá kiri jù. Yan Command Center, tẹ Ctrl+2. Yan àwọn ọmọ ogun, tẹ Ctrl+1. Látìgbà náà, tẹ 2, tẹ S, SCV tuntun ti ń bọ̀, ojú rẹ ò sì kúrò lójú ogun. Tẹ 1 lẹ́ẹ̀mejì kíákíá, kámẹ́rà á sáré bá wọn. Shift+1 ni kí o fi ọmọ ogun tuntun kún wọn. Ctrl+1 á lé àwọn ti tẹ́lẹ̀ kúrò.

Ní ti kámẹ́rà, tẹ Ctrl+F5 nílé, F5 á máa gbé ọ padà. Láwọn láptọ́ọ̀pù kan, àfi kí o di Fn mú pẹ̀lú rẹ̀.

Shift gan-an ni mo fẹ́ràn jù. Yan SCV, tẹ B, tẹ S, fi Supply Depot síbi tó wù ọ́, wá di Shift mú kí o fi bọ́tìnì ọ̀tún tẹ mineral. Tó bá kọ́lé tán, á padà sẹ́nu iṣẹ́ fúnra rẹ̀. Láìsí Shift, ìdí mineral lá kọrí sí tààrà, kò sì ní kọ́ nǹkan kan.