Owó ìpè ni mo fi ń san owó orin láti 2022, káàdì kọ́

"Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́. Ṣágámù ni mo wà. Mo fẹ́ máa san owó oṣù fún áàpù orin kí ìpolówó yé já orin mọ́ mi létí, ṣùgbọ́n káàdì báǹkì mi kò wọlé rárá. Owó wà nínú OPay mi. Ẹnìkan ní kí n wá ra káàdì ẹ̀bùn lọ́wọ́ òun. Ṣé kí n rà á?"

Àbúrò, má tíì fún ẹni yẹn lówó. Ìjẹ̀bú-Òde ni èmi wà, láti 2022 ni mo sì ti ń san owó orin láìlo káàdì, tèmi àti ti màmá mi tó wà ní Ìkẹ́nnẹ́. Owó ìpè orí láìnì ni mo fi ń san án. OPay tí o ní yẹn yóò wúlò fún ọ gan-an, àmọ́ kì í ṣe òun ni yóò san owó orin. Òun ni yóò ra owó ìpè sórí láìnì rẹ, láìnì ni yóò wá san owó orin.

Káàdì rẹ kò bàjẹ́ o. Náírà ni Play Store kọ iye orin sí, èyí ló ń jẹ́ kí èèyàn rò pé ìnáwó abẹ́lé ni. Ṣùgbọ́n òkè òkun ni owó náà ń gbà lọ, báǹkì sì sábà máa ń kà á mọ́ ìnáwó ilẹ̀ òkèèrè. Ní 2022, ọ̀pọ̀ báǹkì dín ohun tí káàdì náírà lè ná lókè òkun kù sí 20 dọ́là lóṣù. Nígbà tó yá, ọ̀pọ̀ nínú wọn dá a dúró pátápátá, kí àwọn kan tó tún ṣí i padà lẹ́yìn náà. Ìdí nìyẹn tí káàdì kan náà fi lè sanwó ní ilé epo ní Sábó láàárọ̀, kó sì kọ̀ nínú Play Store lálẹ́.

Bí a ṣe ń so láìnì pọ̀ mọ́ Play Store rèé. Fi síìmù tí o fẹ́ máa fi sanwó sí ihò kìíní, kí o pa síìmù kejì fúngbà díẹ̀. Pa Wi-Fi, kí o jẹ́ kó jẹ́ dátà láìnì yẹn gan-an ni fóònù ń lò. Play Store ní láti rí nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó ni láìnì náà kó tó lè fọwọ́ sí i. Bí Wi-Fi ilé tàbí síìmù kejì bá wà láàárín, ó lè má rí i. Lẹ́yìn náà, ṣí Play Store, tẹ àwòrán rẹ tó wà lókè, wọ `Payments & subscriptions`, kí o tẹ `Payment methods`. Bí ohun gbogbo bá tọ́, wàá rí ìlà kan tó ní `billing` lára pẹ̀lú orúkọ nẹ́tíwọ́ọ̀kì rẹ. Tẹ̀ ẹ́, fi orúkọ àti àdírẹ́sì rẹ sí i nígbà tó bá béèrè. Fóònù lè fi àtẹ̀jíṣẹ́ kan ránṣẹ́ fúnra rẹ̀ láti fi mọ̀ pé ìwọ lo ni láìnì náà. Má ṣe dá a dúró, má sì pa ojú ìwé yẹn títí yóò fi parí.

Bí ìlà yẹn kò bá jáde, nǹkan méjì ni mo máa ń kọ́kọ́ wò. Èkíní ni orílẹ̀-èdè tí àkáǹtì Google rẹ wà. Nínú Play Store, lọ sí `Settings`, `General`, `Account and device preferences`, wàá rí `Country and profiles` níbẹ̀. Bó bá jẹ́ ilẹ̀ Amẹ́ríkà ló wà níbẹ̀, láìnì Nàìjíríà kò ní jáde láé. Bí o bá sì fẹ́ yí i padà sí Nàìjíríà, mọ̀ pé ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni Google ń gbà kéèyàn yí i, owó tó bá wà nínú àkáǹtì ti tẹ́lẹ̀ kò sì ní bá ọ wá sí ti tuntun. Èkejì ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì fúnra rẹ̀. Kì í ṣe gbogbo wọn ló bá Google ní àdéhùn, nítorí náà bó bá ṣe pé orílẹ̀-èdè tọ̀nà tí ìlà kò sì jáde, fi síìmù nẹ́tíwọ́ọ̀kì mìíràn sí i kí o tún wò ó. Kí o sì tẹ `*996#` láti rí i pé wọ́n ti so NIN mọ́ láìnì náà, nítorí láìnì tí wọn kò bá so ó mọ́ lè di títì nígbàkígbà.

Ìsopọ̀ yìí, ẹ̀ẹ̀kan péré ni. Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣubú ni oṣù kejì, nígbà tí Play Store bá padà wá gba owó tí kò sì bá nǹkan lórí láìnì. Wọ́n á ní àwọn fi owó síbẹ̀. Òótọ́ sì ni pé wọ́n fi í síbẹ̀.

Wo ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan tó wà ní ilé ìwé ní Àgọ́-Ìwòyè. Ẹ jẹ́ ká sọ pé 1,500 náírà ni owó oṣù orin rẹ̀. Ọgọ́rùn-ún méjì náírà wà lórí láìnì rẹ̀, ó sì fi OPay ra 1,500 sí i. Nínú ìṣirò tirẹ̀, 1,700 ló yẹ kó wà níbẹ̀. Àmọ́ ó ti yá owó ìpè 500 lọ́wọ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì lọ́sẹ̀ tó ṣáájú. Bí owó tuntun ṣe wọlé ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì yọ gbèsè wọn kúrò, ó ku 1,200. Nígbà tí Play Store dé, owó kò tó, kò sì ní gba ìdajì. Ìmeèlì wá pé kó tún ọ̀nà ìsanwó rẹ̀ ṣe, orin sì padà sí oníìpolówó. Ó fẹ́ pe ilé iṣẹ́ áàpù láti bá wọn jà. Mo ní kó kọ́kọ́ tẹ `*310#`, ibẹ̀ ló ti rí 1,200 yẹn. Ó fi 400 kún un, ó padà sínú `Subscriptions`, ó tẹ ibi tí wọ́n ti ní kó tún ìsanwó ṣe, orin sì ṣí padà lọ́jọ́ náà.

Gbèsè nìkan kọ́ ló ń jẹ owó yẹn. Èyí tó burú jù, tí a kì í fura sí, ni dátà. Bí dátà tí o rà bá tán tí o kò pa dátà fóònù, nẹ́tíwọ́ọ̀kì yóò máa fa owó ìpè gan-an fún gbogbo ohun tí o bá ń wò, ní iye tó wọ́n ju dátà tí a ra lódidi lọ. Fídíò díẹ̀ lórí WhatsApp, owó orin ti lọ. Àwọn iṣẹ́ tí a kò rántí pé a forúkọ sí náà wà níbẹ̀, bí orin tí ń dún sétí ẹni tó pè wá, ìròyìn eré bọ́ọ̀lù, àdúrà òwúrọ̀. Nọ́ńbà `305` ni NCC fi sílẹ̀ fún dídá irú wọn dúró lórí gbogbo nẹ́tíwọ́ọ̀kì, `303` sì ni ti yíyá owó ìpè. Owó ẹ̀bùn tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá fi kún owó rẹ nígbà tí o bá ra owó ìpè, má kà á mọ́ owó orin. Owó gidi nìkan ni kí o fi ṣírò.

Nítorí gbogbo èyí, láìnì orin mi dá wà. Síìmù tí mò ń fi pe èèyàn, tí mo sì ń ra dátà sí, wà ní ihò kejì. Ti ihò kìíní, owó orin nìkan ló ń gbé, dátà rẹ̀ sì wà ní pípa lẹ́yìn tí mo ti so ó pọ̀ tán. Bí owó oṣù bá ku ọ̀la, mo máa ń ra owó ìpè sí i láti inú OPay, mo máa ń fi díẹ̀ lé e, mo sì máa ń tẹ `*310#` láti rí i pé ó wọlé. Màmá mi kò ní áàpù kankan, nítorí náà ọwọ́ mi ni mo ti ń rà á ránṣẹ́ sí láìnì tiwọn. Àmọ́ má jẹ́ kí láìnì bẹ́ẹ̀ sùn lọ o. Láìnì tí wọn kò bá fi pè, tí wọn kò sì ná owó lórí rẹ̀ fún 180 ọjọ́, nẹ́tíwọ́ọ̀kì lẹ́tọ̀ọ́ láti pa á. Owó orin tí ń lọ lóṣooṣù ń jẹ́ kó wà láàyè, ṣùgbọ́n bí o bá dá orin dúró fún ìgbà pípẹ́, fi pe èèyàn lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan.

Ó tún ku ohun kan kí o tó yan áàpù. Ọ̀nà yìí kò ṣiṣẹ́ àfi bí áàpù náà bá ń gba owó rẹ̀ nípasẹ̀ Google Play. Bí o bá tẹ ibi ìsanwó, tí pátákó kan yọ láti ìsàlẹ̀ tó ní `Google Play` lórí, o ti dé ibi tó yẹ. Bó bá gbé ọ lọ sí ojú ìwé tó ń béèrè nọ́ńbà káàdì, láìnì rẹ kò lè ràn ọ́ lọ́wọ́ níbẹ̀.

Wàyí o, káàdì ẹ̀bùn. Orílẹ̀-èdè ló ń dè é. Káàdì Google Play ti Amẹ́ríkà kò ní wọlé sórí àkáǹtì Nàìjíríà, ti Apple náà kò ní wọlé, àti ti Spotify pàápàá, orílẹ̀-èdè tí wọ́n ti rà á ni àkáǹtì gbọ́dọ̀ wà. Ti Spotify tún ní ààlà mìíràn: ètò ẹni kan ṣoṣo ló wà fún, kò lè san ti ẹbí tàbí ti akẹ́kọ̀ọ́. Nítorí náà, kí o tó gba káàdì lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, bi í pé káàdì orílẹ̀-èdè wo ni. Bó bá ní "gbogbo ayé ló ń gbà á", kúrò níbẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi kan san owó káàdì fún ẹnìkan tí kò mọ̀ rí lórí WhatsApp. Nọ́ńbà tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí i, ẹlòmíràn ti lò ó ṣáájú. Nígbà tó padà lọ béèrè, wọ́n ti dí i lọ́nà. Nọ́ńbà tí wọ́n bá ti ha ìbòrí rẹ̀, ẹni tó kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́ wọlé ló ni í, kò sì sí báǹkì tí yóò bá ọ gba owó yẹn padà.

Bó bá jẹ́ iPhone lo ń lò, `Payment & Shipping` ni kí o wò lábẹ́ orúkọ rẹ nínú `Settings`. Tẹ `Add Payment Method`, kí o wò ó bóyá wọ́n kọ `Mobile Phone` síbẹ̀. Bó bá wà, òfin owó ìpè kan náà ni.

Lọ́jọ́ tí o bá sì fẹ́ dáwọ́ dúró, má rò pé yíyọ áàpù kúrò nínú fóònù ti tó. Play Store yóò ṣì máa wá gba owó lórí láìnì rẹ lóṣooṣù. Inú `Payments & subscriptions`, lábẹ́ `Subscriptions`, ni wàá ti tẹ `Cancel subscription`. Bí o bá ṣe é kí ọjọ́ ìsanwó tó pé, wàá ṣì máa gbọ́ orin láìsí ìpolówó títí oṣù tí o ti san yóò fi parí.